SUMPRODUCT ń gbé òdo jáde, bẹ́ẹ̀ owó wà nínú ìwé

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Èmi ni akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Mo fẹ́ mọ iye àjọ tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dá lóṣù Kẹta ọdún 2025, àmọ́ òdo ni fọ́múlà mi ń gbé jáde fún gbogbo wọn. Mo sì ń fojú ara mi rí owó yẹn nínú ìwé! Ọjọ́ wà ní A, nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ wà ní B, irú owó wà ní C, iye rẹ̀ wà ní D. Nọ́ńbà ẹni tí mo ń wá wà ní H2, àwọn yòókù tẹ̀ lé e nísàlẹ̀. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?"

```
=IFERROR(SUMPRODUCT((B2:B412=H2)*(C2:C412="AJO")*(TEXT(A2:A412,"mm")=3)*D2:D400),0)
```

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ owó ọlọ́wọ́ o, akápò. Ibi mẹ́ta ni fọ́múlà yín ti kọsẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì lè dá òdo yẹn sílẹ̀ láìsí àwọn méjì yòókù. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè tún ọ̀kan ṣe kí ẹ ṣì bá òdo níbẹ̀, kí ẹ wá rò pé àtúnṣe náà kò ràn. Ẹ jẹ́ ká tú wọn lẹ́yọ lẹ́yọ.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ yọ IFERROR kúrò. Ohun tó ń sọ fún Excel ni pé "ohunkóhun tó bá bàjẹ́ níbí, ẹ bá mi kọ òdo sí i." Nínú ìwé owó, èmi kì í fẹ́ rí i rárá, torí òdo tó jẹ́ pé lóòótọ́ ni ẹnì kan kò dá owó àti òdo tó jẹ́ pé fọ́múlà ló ṣubú, ojú kan náà ni wọ́n ní. Ewé ni a fi bo egbò. Bí ẹ bá ti yọ ọ́, òdo yẹn máa pòórá, `#N/A` ló máa yọjú dípò rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Ó kéré tán, ó ń sọ òótọ́ fún yín.

Ohun tó fa `#N/A` náà wà ní ìparí fọ́múlà. Ẹ wo àwọn nọ́ńbà ìlà: A, B àti C lọ láti 2 dé 412, ìyẹn ìlà 411. D dúró sí 400, ìyẹn ìlà 399. Ìlà 12 ni kò ní ẹnìkejì. Nígbà tí ẹ bá fi àmì ìràwọ̀ so ọ̀wọ́ sẹ́ẹ̀lì méjì tí gígùn wọn kò dọ́gba, Excel kì í fo àwọn ìlà tó ṣẹ́kù. Ńṣe ló máa ń na èyí tó kúrú kí ó lè bá èyí tó gùn dọ́gba, tí á sì fi `#N/A` dí gbogbo àlàfo tó nà. `#N/A` kan ṣoṣo sì tó láti ba àpapọ̀ jẹ́, ká má tíì sọ méjìlá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ṣì í mú: ọ̀wọ́ sẹ́ẹ̀lì tí kò dọ́gba kì í gbé òdo jáde fúnra rẹ̀. Àṣìṣe ló ń gbé jáde, `#N/A` bó bá jẹ́ ìràwọ̀ lẹ fi so wọ́n, `#VALUE!` bó bá jẹ́ kọ́mà lẹ fi yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ẹ bá wá rí òdo níbi tí gígùn kò ti dọ́gba, ẹ wá IFERROR kiri, ó wà níbì kan.

Mo lè fojú inú wo bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ìwé yín parí sí ìlà 400 tẹ́lẹ̀. Àwọn kan san owó, ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀, ẹ wá padà sínú fọ́múlà láti fi ọwọ́ yí 400 sí 412, ẹ yí mẹ́ta, ẹ gbàgbé ẹ̀kẹrin. Bí ẹ bá fi ìlà tuntun há àárín ìwé, Excel fúnra rẹ̀ ló máa na gbogbo wọn. Àmọ́ èyí tí ẹ bá kọ sísàlẹ̀ ìlà tó kẹ́yìn, ọwọ́ yín ni ó wà. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ kọ èyí sí sẹ́ẹ̀lì méjì tó ṣófo kí ẹ fi wọ́n wéra:

```
=ROWS(B2:B412)
=ROWS(D2:D400)
```

Tí ẹ bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wàhálà yìí pátápátá, ẹ tẹ sẹ́ẹ̀lì kan nínú ìwé náà, kí ẹ tẹ Ctrl+T kí ó di tábìlì, kí ẹ sọ ọ́ lórúkọ, bí àpẹẹrẹ Ajo. Láti ìgbà náà lọ, orúkọ òpó lẹ óò máa pè, bíi `Ajo[Nomba]` àti `Ajo[Iye]`. Bí ìwé bá ṣe ń gùn, gbogbo òpó jọ ń gùn ni, kò sí èyí tí ẹ óò gbàgbé sẹ́yìn.

Èyí tó le ju kí gígùn má dọ́gba lọ ni kí ó dọ́gba ṣùgbọ́n kí ó yẹ̀. `B2:B412` àti `D3:D413` jẹ́ ìlà 411 àti ìlà 411. Excel kò ní wí nǹkan kan. Nọ́ńbà ẹni yìí ni yóò fi mú owó ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ti ṣe irú ẹ̀ rí, níbi iṣẹ́ kan tí mo ti ń ṣírò owó àṣekún fún àwọn òṣìṣẹ́: ìlà kan ṣoṣo ni mo fi yẹ̀, oníkálukú sì gba owó aládùúgbò rẹ̀. Àwọn tí owó wọn lé kò sọ nǹkan kan, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yín náà sún mọ́ èyí, torí ẹ kò fi àmì `$` sínú fọ́múlà. Bí ẹ bá fà á sísàlẹ̀ láti ìlà H2 lọ sí ìlà H3, `B2:B412` máa di `B3:B413`, gbogbo òpó yòókù á sì bá a sún. Gígùn wọn á ṣì dọ́gba, kò sì ní yẹ̀, àmọ́ ìlà 2 ti bọ́ sóde. Bí ẹ bá dé ọmọ ẹgbẹ́ ogójì, ìlà mọ́kàndínlógójì àkọ́kọ́ nínú ìwé ni kò ní sí nínú ìṣirò rẹ̀. `B$2:B$412` ni kí ẹ kọ.

Ó dáa. Ẹ ti yọ IFERROR, ẹ ti sọ D400 di D412. Ẹ óò tún rí òdo. Lọ́tẹ̀ yìí, òdo gidi ni, kò sí àṣìṣe kankan lẹ́yìn rẹ̀. Kí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lè yé wa, ẹ jẹ́ ká mọ bí SUMPRODUCT ṣe ń ronú. Àkámọ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìbéèrè tó ń bi ìlà kọ̀ọ̀kan: ṣé ìwọ ni ọmọ ẹgbẹ́ yìí? Ṣé àjọ ni ọ́? Ṣé oṣù Kẹta ni ọ́? Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ TRUE tàbí FALSE. Ìràwọ̀ ló ń sọ TRUE di 1, tó ń sọ FALSE di 0, tó wá ń sọ gbogbo wọn di púpọ̀ lọ́nà ara wọn. Òdo kan péré tó láti pa ìlà kan. Ẹ wo ìlà márùn-ún yìí, bó bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ 147 ni à ń wá:

```
03/03/2025  147  AJO    5000   1*1*1*5000 = 5000
10/03/2025  212  AJO    3000   0*1*1*3000 = 0
17/03/2025  147  AJO    5000   1*1*1*5000 = 5000
24/03/2025  147  EYAWO  1200   1*0*1*1200 = 0
07/04/2025  147  AJO    5000   1*1*0*5000 = 0
```

10000 ló yẹ kí ó jáde. Bí òdo bá jáde, a jẹ́ pé ìbéèrè kan wà tí gbogbo ìlà ń dáhùn sí pé FALSE. Iṣẹ́ tó kù ni kí a mọ èwo ni. Ẹ má méfò o. Ẹ tẹ sẹ́ẹ̀lì fọ́múlà náà, ẹ lọ sí ibi gbọọrọ lókè tí fọ́múlà ti máa ń hàn, ẹ fi máòsì yan àkámọ́ kan ṣoṣo, bíi `(B2:B412=H2)`, látorí àkámọ́ tó ṣí títí dé èyí tó padé, kí ẹ wá tẹ F9. Ìdáhùn ìlà kọ̀ọ̀kan á hàn, TRUE tàbí FALSE. Lẹ́yìn tí ẹ bá rí i, Esc ni kí ẹ tẹ, kì í ṣe Enter. Bí ẹ bá tẹ Enter, ìdáhùn yẹn á gba ipò fọ́múlà yín, Ctrl+Z nìkan ló kù tó máa gbà yín. Nítorí pé ìlà 411 pọ̀ jù fún ojú, ẹ kọ́kọ́ dín gbogbo ọ̀wọ́ náà kù sí 2 dé 11 lórí ẹ̀dà fọ́múlà náà.

Ó dá mi lójú pé ibi nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ lẹ ti máa bá FALSE kún bámúbámú, láìka pé 147 wà ní B tí 147 sì wà ní H2. Ìdí ni pé ọ̀kan jẹ́ nọ́ńbà, èkejì jẹ́ ọ̀rọ̀ tó wọ aṣọ nọ́ńbà. Irú ẹ̀ wọ́pọ̀ nínú ìwé tí a gbé jáde láti inú ètò míràn, tàbí tí ẹnì kan ti sọ òpó rẹ̀ di Text kí ó tó kọ nǹkan sí i. Fún SUMPRODUCT, àmì `=` ló ń ṣe ìdájọ́, àmì yẹn kò sì ka "147" tó jẹ́ ọ̀rọ̀ àti 147 tó jẹ́ nọ́ńbà sí ọ̀kan náà láé. Ẹ fi èyí dán an wò:

```
=ISNUMBER(B2)
=ISNUMBER(H2)
=LEN(B2)
```

Bí ọ̀kan bá sọ TRUE tí èkejì sì sọ FALSE, ẹ ti mú olè. Ojú lásán náà lè fura: bí ẹ kò bá tíì fọwọ́ kan ètò ìtò rẹ̀, ọ̀rọ̀ máa ń fara ti apá òsì sẹ́ẹ̀lì, nọ́ńbà a sì fara ti apá ọ̀tún. Onígun mẹ́ta kékeré aláwọ̀ ewé tún lè wà ní igun sẹ́ẹ̀lì náà. LEN wà níbẹ̀ nítorí àlàfo tí ojú kì í rí. Bí 147 bá ní LEN mẹ́rin, ohun kan lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ kọ `=UNICODE(RIGHT(B2))`. Bó bá sọ 32, àlàfo lásán ni, TRIM á gbé e kúrò. Bó bá sọ 160, èyí tó máa ń bá ohun tí a kó láti ojú ìwé ayélujára wá ni, TRIM kò sì lè rí i mú. SUBSTITUTE ló mọ ọwọ́ rẹ̀:

```
=SUBSTITUTE(B2,UNICHAR(160),"")
```

Àwọn kan á sọ fún yín pé kí ẹ kàn yí òpó B sí Number nínú ètò ìtò sẹ́ẹ̀lì. Kò ràn. Aṣọ lẹ yí, ẹ kò yí ẹni tó wọ̀ ọ́. Ohun tó ti wọlé bí ọ̀rọ̀ á ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ títí ẹ óò fi tún un kọ. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ yan òpó náà, kí ẹ lọ sí Data, kí ẹ tẹ Text to Columns, kí ẹ sì tẹ Finish lójú ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe é, ẹ jẹ́ n sọ èrò tèmi. Nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ kì í ṣe ohun tí a ń rò pọ̀ tàbí tí a ń yọ kúrò lára ara wọn. Orúkọ ni, orúkọ tí a fi nọ́ńbà kọ. Bí ẹ bá ní ọmọ ẹgbẹ́ 0147, tí ẹ sọ òpó yẹn di nọ́ńbà, òdo iwájú ti lọ nìyẹn. Nọ́ńbà àkáǹtì báńkì wa ní Nàìjíríà náà rí bẹ́ẹ̀: mẹ́wàá ni, púpọ̀ nínú wọn sì fi òdo bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni mo máa ń wà. Mo máa ń lẹ `&""` mọ́ apá méjèèjì, kí méjèèjì di ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó pàdé:

```
(B$2:B$412&""=H2&"")
```

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ nìyí: bí B bá ní "0147" tí H2 sì ní 147, wọn kò ní bára mu, nítorí pé gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, méjèèjì yàtọ̀. Ẹ sọ òpó H di Text kí ẹ tó kọ nọ́ńbà sí i. Ọ̀nà kejì ni láti fi àyọkúrò méjì síwájú, `--B$2:B$412=H2`, kí gbogbo B di nọ́ńbà. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ bí ẹnì kan bá kọ "Àpapọ̀" sí sẹ́ẹ̀lì kan ní àárín B, `#VALUE!` ni gbogbo rẹ̀ máa dà.

Ẹ lè ti gbọ́ tàbí kí ẹ ti rí i pé SUMIFS rí owó tí SUMPRODUCT kò rí nínú ìwé kan náà. Òótọ́ ni. SUMIFS kì í bìkítà bóyá 147 jẹ́ ọ̀rọ̀ tàbí nọ́ńbà. Ìdí kan náà ni kì í fi mọ ìyàtọ̀ láàárín 0147 àti 147, ọ̀kan ṣoṣo ló kà wọ́n sí.

Ẹ̀ṣẹ̀ kẹta ni `TEXT(A2:A412,"mm")=3`. Orúkọ rẹ̀ ló ti sọ ọ́: TEXT kì í fúnni ní nọ́ńbà. "03" ló ń gbé jáde fún oṣù Kẹta, ọ̀rọ̀ sì ni. "03" kò lè bá 3 dọ́gba láé, kódà bí gbogbo owó ẹgbẹ́ yín bá wọlé lóṣù Kẹta. LEFT, RIGHT àti MID náà rí bẹ́ẹ̀: `LEFT(A2,4)=2025` kò ní jẹ́ òótọ́ láyé, àfi bí A2 bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tó fi 2025 bẹ̀rẹ̀, tí ẹ sì fi àmì àyọlò yí 2025 ká. (Ẹ̀yin ará wa ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò tí Excel yín jẹ́ ti Faransé, SOMMEPROD ni tiyín, `;` sì ni ẹ fi ń ya nǹkan sọ́tọ̀. Ẹ tún ní ìdí kan láti sá fún TEXTE: ọdún tó jẹ́ `"yyyy"` lọ́dọ̀ wa, `"aaaa"` ni lọ́dọ̀ yín, bí a bá sì fi fáìlì ránṣẹ́ síra wa, orúkọ fọ́múlà á yí padà fúnra rẹ̀, àmọ́ ohun tó wà nínú àmì àyọlò kò ní yí.)

`MONTH(A2:A412)=3` á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n oṣù Kẹta ọdún gbogbo ló máa kó pọ̀. Èmi máa ń fi ọjọ́ méjì há oṣù náà mọ́ àárín:

```
(A$2:A$412>=DATE(2025,3,1))*(A$2:A$412<DATE(2025,4,1))
```

Ibí yìí gan-an ni òdo kan tún ti lè ba níbùúba. Ọjọ́ nínú Excel jẹ́ nọ́ńbà. 1 oṣù Kẹta 2025 jẹ́ 45717. Bí òpó A bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tó jọ ọjọ́, Excel ní òfin kan: ọ̀rọ̀, èyíkéyìí tó wù kó jẹ́, ló tóbi ju nọ́ńbà èyíkéyìí lọ. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́, "ṣé ó tó 45717?", gbogbo ìlà á sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìbéèrè kejì, "ṣé kò tíì dé oṣù Kẹrin?", gbogbo ìlà á sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Òdo, láìsí àṣìṣe kankan tó máa ta yín lólobó.

Bí ẹ ṣe lè mọ̀ ọ́n nìyí. Bí ẹ bá gba fáìlì láti báńkì, tí ọjọ́ rẹ̀ jẹ́ ọjọ́/oṣù/ọdún bí àwa ṣe ń kọ ọ́, tí ẹ sì ṣí i lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n tò sí ti Amẹ́ríkà, 03/04/2025 á di ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta. 17/03/2025 ní tirẹ̀ kò ní rí oṣù kẹtàdínlógún, á wá dúró bí ọ̀rọ̀. Ẹ óò wá rí i pé nínú òpó kan náà, ọjọ́ 1 dé 12 fara ti ọ̀tún, 13 lọ sókè fara ti òsì. Bí òpó A yín bá rí báyìí, ẹ má tún un ṣe lórí ibẹ̀, nítorí àwọn tó ti yí lódì kò ní padà. Ẹ tún ètò ọjọ́ kọ̀ǹpútà náà tò sí tiwa, kí ẹ wá ṣí fáìlì báńkì náà látìbẹ̀rẹ̀.

Ó ku òpó D. Bí ẹ bá fi ìràwọ̀ so D mọ́ àwọn ìbéèrè, "5000" tó jẹ́ ọ̀rọ̀ á di nọ́ńbà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tí fọ́múlà ti gbé `""` sí á ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú `#VALUE!`. Bí ẹ bá fi kọ́mà yà á sọ́tọ̀, kò sí ohun tó máa bàjẹ́, ṣùgbọ́n òdo ni SUMPRODUCT máa ka gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá níbẹ̀ sí, owó tó jẹ́ ọ̀rọ̀ náà á sì fò lọ ní ìdákẹ́jẹ́. Kọ́mà ni mo fẹ́, àmọ́ mo máa ń kọ́kọ́ wò ó bóyá `=COUNT(D2:D412)` bá `=COUNTA(D2:D412)` dọ́gba. Bí wọn kò bá dọ́gba, ohun kan wà ní D tí kì í ṣe nọ́ńbà.

Kìkì iye owó ni kí ẹ fi kọ́mà yà sọ́tọ̀ o. Bí ẹ bá fi kọ́mà ya àwọn ìbéèrè náà sọ́tọ̀, SUMPRODUCT á ka TRUE àti FALSE wọn sí òdo bákan náà, ẹ óò sì tún padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìràwọ̀ ló ń sọ wọ́n di nọ́ńbà.

Fọ́múlà yín nìyí:

```
=SUMPRODUCT((B$2:B$412&""=H2&"")*(C$2:C$412="AJO")
 *(A$2:A$412>=DATE(2025,3,1))*(A$2:A$412<DATE(2025,4,1)),D$2:D$412)
```

Ní ti òpó C, inú mi dùn pé AJO lẹ kọ láìfi àmì sí i. Àmì `=` kò ka lẹ́tà ńlá àti kékeré sí, nítorí náà Ajo àti AJO jẹ́ ọ̀kan. Ṣùgbọ́n "Àjọ" àti "Ajo" kì í ṣe ọ̀kan lójú rẹ̀. Bí akọ̀wé yín bá ń fi àmì sí i, tí ẹ̀yin kò sì fi sí i, ìlà tó bá kọ kò ní wọ inú ìṣirò. Ẹ jọ fẹnu kò sórí ọ̀kan.

Ẹ mú ọmọ ẹgbẹ́ kan tí ẹ mọ owó rẹ̀ dáadáa, kí ẹ fi ọwọ́ ro ti oṣù Kẹta rẹ̀, kí ẹ fi wé ohun tí fọ́múlà gbé jáde. Ẹ mú ẹnì kan tó wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú òpó H náà, kí ẹ lè mọ̀ pé àmì `$` dúró.